Nígbà tí Ọ̀gá Kò Lè Jẹ́rìí sí Iṣẹ́ Òṣìṣẹ́ Tó Ti Lọ

Ẹni tó bá ń wáṣẹ́, pàápàá iṣẹ́ tí owó tàbí ọjà bá wà nínú rẹ̀, yóò kọ orúkọ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta sínú fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n lọ béèrè òun lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá tó ti bá ṣiṣẹ́ rí sábà máa ń wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá náà kò ju bí òṣìṣẹ́ yìí ṣe ṣiṣẹ́ sí, bóyá ó ṣeé fọkàn tán, àti ìdí tó fi kúrò. Ọ̀gá tí kò bá lè fi òótọ́ inú dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí lè kọ̀. Ọ̀nà tó bá gbà kọ̀ ọ́ ló máa sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà á parí síbẹ̀ tàbí á di wàhálà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀yàtọ̀ láàárín ajẹ́rìí àti onídùúró. Ajẹ́rìí kàn ń sọ ohun tó mọ̀ nípa ẹnì kan ni. Onídùúró ń tọwọ́ bọ̀wé pé bí ẹni náà bá ṣe owó tàbí ọjà mọ́kumọ̀ku, òun ni kí wọ́n wá bá. Ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù onídùúró fi máa ń béèrè fọ́tò, àdírẹ́sì ilé àti ibi iṣẹ́, ìwé ìdánimọ̀, nígbà mìíràn ìbúra ní kóòtù pàápàá. Àwọn ọ̀gá kan ti kọ̀ láti jẹ́rìí lásán nítorí wọ́n rò pé ìdúró ni wọ́n ní kí àwọn ṣe. Àwọn mìíràn sì ti tọwọ́ bọ ìwé ìdúró, tí wọ́n rò pé ẹ̀rí ìwà lásán ni. Ó yẹ kí èèyàn ka fọ́ọ̀mù náà tán kó tó mọ ohun tó ń gbà tàbí ohun tó ń kọ̀.

Ẹni tí ọ̀gá kò lè jẹ́rìí sí kì í ṣe ẹni tó ṣiṣẹ́ burúkú nìkan. Òṣìṣẹ́ kan lè ti wà ní ẹ̀ka kan lábẹ́ máníjà, kí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ máa rí i lọ́jọ́ owó oṣù nìkan. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bó ti wù kó fẹ́ràn ọmọ náà tó. Òṣìṣẹ́ mìíràn lè ti jẹ́ awakọ̀ dáadáa, kó wá máa wá iṣẹ́ ìṣirò owó báyìí. Ẹ̀rí iṣẹ́ awakọ̀ kò lè gbé e débẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ẹni náà ń wá lọ ló yẹ kí ọ̀gá fi wọn ohun tó mọ̀. Ìbéèrè kan tí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ fẹ́ràn láti bi ọ̀gá àtijọ́ lórí fóònù ni pé: ṣé ẹ máa tún gbà á padà sí irú iṣẹ́ yìí? Ó dára kí ọ̀gá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn kí ẹlòmíràn tó bi í. Bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, kò yẹ kó gbà láti jẹ́rìí.

Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní Ìlú Ọba lọ́dún 1994 fi ewu tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ọ̀gbẹ́ni Spring ń ta ìbánigbófò. Wọ́n lé e kúrò níbi iṣẹ́, ó sì wá iṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò mìíràn. Lẹ́tà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kọ nípa rẹ̀ sọ pé kò ṣeé kà sí olóòótọ́ èèyàn. Lẹ́tà yẹn ló ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà rí i pé àwọn tó kọ lẹ́tà kò ní in lọ́kàn láti parọ́ mọ́ ọn, ohun tí wọ́n kọ dá wọn lójú. Àìṣọ́ra ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn: wọn kò wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó yẹ. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, tó jẹ́ kóòtù àgbà ibẹ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn adájọ́ náà sọ pé ọ̀gá tó bá kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ náà ní gbèsè ìṣọ́ra.

Kóòtù kan náà ti fi ìpìlẹ̀ apá kejì lélẹ̀ lọ́dún 1963, nínú ẹjọ́ kan tó dá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu báńkì: ẹni tó bá fi àìbìkítà fúnni ní ìmọ̀ràn, tó sì mọ̀ pé wọ́n máa gbára lé e, lè jẹ̀bi àdánù tó bá tìdí rẹ̀ wá. Ọ̀gá tó kọ lẹ́tà ìyìn tí kò rí ìdí rẹ̀ wà nínú ewu yìí náà. Bó bá bú òṣìṣẹ́ láìwádìí, òṣìṣẹ́ lè pè é lẹ́jọ́. Bó bá yìn ín láìwádìí, ẹni tó gbà á síṣẹ́ lè pè é. Ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de kóòtù Nàìjíríà, àmọ́ àwọn adájọ́ wa máa ń gbé wọn yẹ̀ wò, nítorí láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú òfin wa ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tó kọ̀ láti sọ̀rọ̀ kò tíì sọ nǹkan tí wọ́n lè dì mú.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi bó ṣe ń rí hàn. Ká ní obìnrin kan ní ilé ìtajà òògùn ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ́kùnrin kan ṣọ́ sítọ́ọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá. Lóṣooṣù tí wọ́n bá ka ọjà, iye tó wà lórí káàdì kì í bá iye tó wà lórí pẹpẹ mu. Ó ń dín lóṣù kan, ó ń lé lóṣù mìíràn. Páálí tuntun ló máa ń tò síwájú, tí oògùn ibà tó ti pẹ́ á wà lẹ́yìn títí ọjọ́ rẹ̀ á fi kọjá. Wọn kò ká olè mọ́ ọn lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì fiṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ń wá iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ní ọsibítù aládàáni, ó wá pe ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ lórí fóònù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ yín ni mo fẹ́ kọ sí fọ́ọ̀mù ọsibítù kan. Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni."

"O ṣeun tí o kọ́kọ́ bi mí. Mi ò ní lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ sítọ́ọ̀ fún ọ. Ìwọ náà mọ bí ọjà kíkà wa ṣe máa ń rí. Tètè wá ẹlòmíràn kó o tó dá fọ́ọ̀mù náà padà. Bí wọ́n bá kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣiṣẹ́ níbí, màá kọ ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí o kúrò fún wọn."

Obìnrin yìí kò pe ọmọ náà ní olè, nítorí kò mọ̀ bóyá olè ni. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ọjà kì í pé iye, ìyẹn ló sì tọ́ka sí, lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan. Kò sọ pé òun á ronú sí i, nítorí ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yóò kọ orúkọ náà sílẹ̀. Ó dáhùn nígbà tí ọmọ náà ṣì ráyè wá ẹlòmíràn. Ká ní iṣẹ́ dídá oníbàárà lóhùn lọ́sàn-án ni ọmọ náà ń wá ni, ó ṣeé ṣe kó gbà, nítorí ó mọ̀ pé ó máa ń tètè dé, kì í sì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́tà tó ṣèlérí kò gbọdọ̀ gùn. Ó lè kà báyìí: "Lágbájá bá wa ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ láti ọjọ́ báyìí di ọjọ́ báyìí. Òun ló fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀." Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi kún un pé ìlànà àwọn ni láti má ṣe sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn yẹn dára bó bá jẹ́ òótọ́ nìkan. Ọ̀gá tó kọ ojú ìwé méjì fún akọ̀wé rẹ̀ lóṣù tó kọjá kò lè sọ pé ìlànà nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó bá ń kọ lẹ́tà kúkurú fún gbogbo èèyàn dọ́gbadọ́gba ló máa ń yọ nínú ìfura, nítorí ẹni tó ń ka lẹ́tà kò ní lè fi kíkúrú rẹ̀ mọ ohunkóhun.

Ọsibítù náà lè tẹ ọ̀gá láago pé kó bá àwọn sọ òótọ́, pé ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà lè di ẹjọ́, ó sì máa ń padà dé etí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ nípa rẹ̀. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà ni kó tún sọ lórí fóònù, kó má fi mímí ẹ̀dùn tàbí ẹ̀rín kún un.

Ẹ̀bẹ̀ ló máa ń le jù nílẹ̀ wa. Ìyá ọmọ náà lè wá pẹ̀lú pásítọ̀ tàbí àlùfáà, kí wọ́n ní ọmọ yín ni, ẹ má wo àṣìṣe rẹ̀. Ojú ń ro ọ̀gá láti sọ rárá fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń gbà, kó wá kọ lẹ́tà tí kò gbóná tí kò tutù, tàbí kó gbàgbé fọ́ọ̀mù náà sínú dúrọ́ọ̀. Èyí burú ju kíkọ̀ lọ. Ọsibítù á dúró títí, wọ́n á mú ẹlòmíràn, ọmọ náà kò sì ní mọ ohun tó ṣe é. Ọ̀gá tó bá fẹ́ ṣàánú lè fún un ní ohun tó wúlò: kó sọ fún un pé ọjà tó pẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde, kó sì júwe ẹni tó rí iṣẹ́ rẹ̀ ní tòsí fún un, bíi apòògùn tó ń dárí ibẹ̀, bí ìyẹn bá lè jẹ́rìí sí i.

Kíkọ̀ yìí ní ààlà tirẹ̀. Ní Ìlú Ọba, òfin kò fi dandan lé e fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ láti kọ irú lẹ́tà yìí, àmọ́ ní ti báńkì àti ìbánigbófò, àjọ tó ń ṣàkóso wọn ní kí wọ́n máa dáhùn nípa àwọn tó di ipò kan mú, kí wọ́n sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó níbẹ̀ mọ̀ pé agbanisíṣẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí nípa ìwà ẹni níbi iṣẹ́ ìtọ́jú tó ti ṣe sẹ́yìn. Ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ fi kíkọ̀ gbẹ̀san. Lọ́dún 1998, kóòtù àgbà Yúróòpù dáhùn ẹjọ́ obìnrin kan tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kò fún ní ẹ̀rí mọ́ lẹ́yìn tó pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọ́n lé òun nítorí oyún. Kóòtù náà sọ pé òfin gbọ́dọ̀ dáàbò bo irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń wáṣẹ́ náà ní ipa tirẹ̀. Kó má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí fọ́ọ̀mù láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀gá kan bá sì ti kọ̀, kó gbà á bẹ́ẹ̀, kó yọ orúkọ náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an.