Ẹ yí inú jákẹ́ẹ̀tì òjò òkìrìkà síta kí ẹ tó sanwó

Nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò àti àwọn tó ń ná ọjà láti Kétu dé Àjàṣẹ́ a máa wá jákẹ́ẹ̀tì òjò. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ra tuntun. Òkìrìkà ni wọ́n ń rà, irú èyí tí wọ́n ń tú nínú ẹrù dídì ní Mísẹ́bò, ní Kútọnu, kí àwọn alátùntà tó kó o lọ sí ọjà ìgbèríko. Òmíràn nínú wọn lágbára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Òmíràn ti kú láti inú, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ṣì ń dán.

Inú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì òjò, aṣọ òde nìkan kọ́ ló ń dá omi dúró. Rọ́bà tín-ínrín kan wà tí ilé-iṣẹ́ fi kun ẹ̀yìn aṣọ náà. Ọjọ́ orí, ooru àti ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ yí jákẹ́ẹ̀tì náà síta, kí ẹ fi àtàǹpàkò ra inú èjìká àti inú fìlà rẹ̀. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, bí ó bá ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, tàbí tí ó ń rùn kíkan, ẹ dá a padà. Kò sí télọ̀ tó lè tún èyí ṣe.

Aṣọ inú ló máa ń bo àléébù yìí mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ àwọ̀n ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, ẹ ó rí ẹ̀yìn aṣọ òde láti ojú ihò rẹ̀. Bí kò bá sí ihò, ẹ fi aṣọ inú àti aṣọ òde ra ara wọn, kí ẹ sì fọwọ́ tẹ ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni èérún rọ́bà tó ti ṣí máa ń kó jọ sí.

Ẹ wá wo ojú rírán. Gbogbo ihò abẹ́rẹ́ ni omi lè gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ téèpù mọ́ ojú rírán láti inú. Téèpù tó ti ká sókè ní èjìká túmọ̀ sí pé omi yóò wọlé níbẹ̀. Ẹ di ìhà méjèèjì ojú rírán abẹ́ apá mú, kí ẹ fà á díẹ̀. Bí òwú bá yọ bí àkàsọ̀, rírán náà kò lágbára. Ojú abẹ́rẹ́ tó dára máa ń tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú sẹ̀ǹtímítà kan.

Ní ti síìpù, ẹ fà á lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ nígbà tí ó wà ní pípadé. Bí ó bá ń ya lẹ́yìn orí síìpù, orí náà ló ti jẹ, télọ̀ sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí eyín bá ti yọ, odindi síìpù ni ẹ máa rà.

Ẹ má ṣe rò pé èyí tó wúwo jù ló dára jù. Aṣọ tó nípọn bí òwú lè mu omi kí ó sì wúwo sí i. Ẹ gbé èjìká rẹ̀ sójú oòrùn: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ bí ihò abẹ́rẹ́, okùn báàgì ti jẹ ẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe aṣọ náà bí àwo, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ìwé gbígbẹ sí abẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Bí omi bá kàn tàn sójú aṣọ, tí ìwé kò tutù, kò burú. Ìwé tó bá tutù ni kí ẹ sá fún.

Ẹ jẹ́ ká fi jákẹ́ẹ̀tì méjì ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n pe dúdú ní 3,000 fáráǹsì: ó ń dán, síìpù rẹ̀ ń lọ geere, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Wọ́n pe aláwọ̀ ewé ní 2,000: ó ti ṣá, orí síìpù rẹ̀ ti jẹ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbẹ, téèpù rẹ̀ sì lẹ̀ dáadáa. Bí télọ̀ bá gba 500 láti pààrọ̀ orí síìpù, 2,500 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, ẹ ó sì wọ̀ ọ́ gbẹ délé. Dúdú yóò jẹ́ kí omi wọlé ní òjò àkọ́kọ́. Síìpù tó bàjẹ́ sì ni ohun tí ẹ lè fi ná an wálẹ̀.

Bí ẹ bá rà á tán, ẹ má ṣe ká a ní tútù sínú àpótí alùpùpù. Ibòji ni kí ẹ sá a sí, nítorí ooru àti ọ̀rinrin ló pa èyí tí ẹ fi sílẹ̀ lórí àtẹ.