Àṣìṣe Wo Lẹ Fẹ́ Sanwó Rẹ̀? Bí Ìlọ́po Inú Supertrend Ṣe Ń Yí Àmì Rẹ̀ Padà

Ẹni tó bá ṣí ṣáàtì ìpín ìdókòwò lórí fóònù rẹ̀, tó sì fi atọ́ka Supertrend sí i, yóò rí ìlà kan tó ń bá iye ọjà rìn. Bí ọjà bá ń gòkè, ìlà náà yóò wà nísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí ọjà bá ń já wálẹ̀, ìlà náà yóò bọ́ sí òkè iye ọjà, yóò sì pọ́n. Ọjọ́ tó bá kúrò ní ìhà kan bọ́ sí ìkejì ni ọjọ́ àmì: bó bá di àwọ̀ ewé, kí a rà, bó bá pọ́n, kí a tà. Síbẹ̀, ẹni méjì lè máa wo ìpín kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ìlà ti ọ̀kan pọ́n, kí ti èkejì ṣì ní àwọ̀ ewé, kí ṣáàtì ẹnikẹ́ni má sì ní àbùkù. Nọ́ńbà kékeré kan tí wọn kò yàn bákan náà ló fà á. Nọ́ńbà yìí ni ìlọ́po.

Kí ìlọ́po tó lè yé wa, a ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ di ìlọ́po. Olivier Seban, oníṣòwò ará Faransé, ni wọ́n ń ka Supertrend sí lọ́rùn, ṣùgbọ́n ohun tó fi kọ́ ọ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. J. Welles Wilder, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde nínú ìwé kan lọ́dún 1978. Orúkọ tí ẹ máa rí fún un lójú ẹ̀rọ ni ATR. Ohun tó ń wọ̀n ni bí iye ọjà ṣe sábà ń rìn jìnnà tó lójúmọ́. Kò sọ bóyá òkè ni tàbí ilẹ̀. Bí ìrìn náà ṣe gùn tó nìkan ló mọ̀.

Wilder rí i pé kò tó kí a kàn yọ iye tó kéré jù lọ lọ́jọ́ kan kúrò nínú iye tó ga jù lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé lánàá, ìpín kan parí ọjà ní ₦121. Lónìí, ibi gíga tó dé ni ₦119, ibi tó rẹlẹ̀ tó dé sì ni ₦115. Bí a bá wo ti òní nìkan, ₦4 ló fi rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn mọ́ ìpín yìí ní ₦121 ti rí i kó balẹ̀ sí ₦115, ìyẹn ₦6. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni Wilder ní kí a fi wọ̀n ọ́n: láti ibi gíga òní sí ibi rírẹlẹ̀ rẹ̀, láti iye ìparí àná sí ibi gíga òní, àti láti iye ìparí àná sí ibi rírẹlẹ̀ òní. Èyí tó bá gùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ojúlówó ìrìn ọjọ́ náà. ATR ni ìpíndọ́gba irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Bí a bá lo ọjọ́ 10, a ó sọ ATR àná di ìlọ́po 9, a ó fi ìrìn òní kún un, a ó sì pín in sí 10. Báyìí ni ti òní ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ọjọ́ kan péré da gbogbo rẹ̀ rú.

Iṣẹ́ Supertrend kù díẹ̀ lẹ́yìn èyí. Yóò mú àárín iye gíga àti iye rírẹlẹ̀ ọjọ́ náà, yóò sì yọ ATR tí a ti sọ di ìlọ́po kúrò nínú rẹ̀ láti rí ìlà ìsàlẹ̀. Bó bá fi kún un, ìlà òkè ló rí.

```
(H + L) / 2 - Factor × ATR
(H + L) / 2 + Factor × ATR
```

H ni iye gíga, L ni iye rírẹlẹ̀. Factor ni TradingView ń pe ìlọ́po náà, 3 ló sì máa ń bá a wá. ATR Length ni iye ọjọ́, 10 ló máa ń bá a wá. Òfin kan ṣì wà tó ṣe pàtàkì. Nígbà tí ọjà bá ń gòkè, ìlà ìsàlẹ̀ lè gòkè tàbí kó dúró, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọjà bá ń já wálẹ̀, ìlà òkè lè sọ̀ tàbí kó dúró, kò gbọdọ̀ gòkè. Ìgbà tí iye ìparí ọjà bá sì kọjá ìlà náà nìkan ni àmì tó yí padà. Bí iye bá kàn gun ìlà kọjá ní ọ̀sán, tó sì padà kí ọjà tó parí, kò sí àmì. Ẹni tó bá ń tà bó ti rí i tó pọ́n ní ọ̀sán ń tẹ̀ lé ohun tó lè pòórá nírọ̀lẹ́.

Ó wá kù kí a rí bí ìlọ́po ṣe ń ṣiṣẹ́. Àpẹẹrẹ tí mo ṣètò fún àlàyé nìyí, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. ATR ìpín náà jẹ́ ₦4, ìlà sì ní àwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ kìíní, ó dé ₦122, ó dé ₦118, ó sì parí ní ₦121. Àárín rẹ̀ jẹ́ ₦120. Ẹni tó lo ìlọ́po 1.5 yóò yọ ₦6, ìlà tirẹ̀ yóò wà ní ₦114. Ẹni tó lo 3 yóò yọ ₦12, ìlà tirẹ̀ yóò wà ní ₦108.

Lọ́jọ́ kejì, ìpín náà sọ̀ kalẹ̀, ó parí ní ₦116. Kò sí ìlà tó kúrò níbi tó wà. Lọ́jọ́ kẹta, ó rìn láàárín ₦117 àti ₦112, ó parí ní ₦113. Iye yìí ti wà lábẹ́ ₦114, nítorí náà ìlà ẹni àkọ́kọ́ pọ́n, ó sì tà. Ìlà òkè rẹ̀ wá ń dúró ní ₦120.50, èyí tí í ṣe àárín ọjọ́ náà, ₦114.50, pẹ̀lú ₦6. Ní ti ẹnì kejì, ₦108 ṣì jìnnà. Kò rí àmì kankan. Lọ́jọ́ kẹrin, ọjà gbérí padà sí ₦116. Lọ́jọ́ kàrún-ún, ó parí ní ₦121.50. Ẹni àkọ́kọ́ rí àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rà padà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tà ní ₦113, ó ra ohun kan náà ní ₦121.50. Owó tó bá a lọ jẹ́ ₦8.50 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, láìtíì ka owó búrókà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kejì kò ṣe nǹkan kan, kò sì pàdánù nǹkan kan. Mo fi ATR sílẹ̀ ní ₦4 kí ìṣirò lè rọrùn; bí a bá ṣe é bó ti yẹ, yóò ti gòkè dé nǹkan bí ₦4.43 lọ́jọ́ kàrún-ún, àmọ́ àwọn àmì náà kò ní yí padà.

Ẹni tó bá dúró síbí yóò sọ pé 3 ló dára jù. Ṣùgbọ́n ká ní lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ọjà kò gbérí mọ́ ńkọ́? Ká ní ó parí ní ₦110 lọ́jọ́ kẹrin, ó sì parí ní ₦107 lọ́jọ́ kàrún-ún, lẹ́yìn náà ó ń já lọ. Ẹni àkọ́kọ́ ti bọ́ sílẹ̀ ní ₦113. Ẹnì kejì ò kúrò títí ó fi di ₦107. Lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, ₦6 ni ìfaradà rẹ̀ ná an ju ti ẹnì kìíní lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: ìlọ́po kò mọ ọ̀nà tí ọjà máa gbà lọ́la. Ohun tó ń pinnu ni irú àṣìṣe tí ẹ máa sanwó rẹ̀. Ìlọ́po kékeré ń gba owó lọ́wọ́ yín lemọ́lemọ́, nípa títà nígbà tí ọjà kàn ń mí. Ìlọ́po ńlá kì í sábà gba owó, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọjà bá yí padà ní tòótọ́, yóò ti jẹ nínú èrè yín kó tó sọ fún yín.

Èyí ló jẹ́ kí a lè mọ ìgbà tí ìlọ́po kan kò bá ọjà kan mu. Nínú àpẹẹrẹ wa, láti àárín ọjọ́ kìíní tó jẹ́ ₦120, ọjà sọ̀ sí ₦113: ₦7 ni. Ìlà 1.5 sì jìnnà ní ₦6. Ibi tó burú jù gan-an nìyẹn, nígbà tí ìlọsókè-sódò ọjà bá fi díẹ̀ ju jíjìnnà ìlà lọ. Ìlà á mú kí ẹ tà nísàlẹ̀, á sì mú kí ẹ rà lókè. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn ṣáàtì, tí ẹ sì rí i pé àwọ̀ ń yí padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí iye títà sì ń rẹlẹ̀ ju iye ríra tó tẹ̀ lé e lọ, ẹ ti rí àìsàn náà. Ó kàn ni kí ẹ ṣírò gbogbo irú àdánù bẹ́ẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi í wé èrè tí ìlọ́po tó tóbi jù ú máa dá padà fún ọjà.

Ẹ ṣọ́ra níbi yìí. Ẹ̀rọ lè dán 2.6, 2.7 àti 2.8 wò lórí ọdún tó kọjá, kó sì mú èyí tó pa owó jù fún yín. Bí 2.7 bá pa owó ńlá, tí 2.5 àti 3 sì pàdánù, oríire ọjọ́ mélòó kan ni ẹ rí, kì í ṣe ìwà ọjà. Nọ́ńbà tó ṣeé gbára lé ni èyí tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń ṣe bíi tirẹ̀, tó sì tún dúró dáadáa lórí oṣù tí ẹ kò lò nígbà tí ẹ ń yàn án.

Fún àwa tí à ń wo ọjà NGX ní Èkó, ewu kan tún wà. Ọ̀pọ̀ ìpín ibẹ̀ lè wà fún ọjọ́ púpọ̀ kí iye wọn má kúrò lójú kan. Ìrìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ òdo, ATR ọjọ́ 10 yóò sì máa dín ìdá kan nínú mẹ́wàá kù lójoojúmọ́. Bí ìpín kan bá dúró gbọin ní ₦120 fún ọjọ́ 5, ATR tó jẹ́ ₦4 yóò di nǹkan bí ₦2.36. Ìlọ́po ṣì jẹ́ 3, ṣùgbọ́n ìlà tó wà ní ₦108 ti gun òkè dé nǹkan bí ₦112.90, bẹ́ẹ̀ iye ọjà kò mira. NGX sábà máa ń fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ṣe òpin ohun tí iye ìpín lè fi gòkè tàbí sọ̀ lójúmọ́, ìyẹn ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo tó láti gbé e dé ₦108. Bó bá parí ní ₦112 péré, ìlà á pọ́n. Kì í ṣe pé ọjà fi ọ̀nà tuntun hàn. Àìsí ólùrà àti ólùtà ló sún ìlà mọ́ ọn. Lórí irú ìpín bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo iye ìpín tó ń tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn lójúmọ́, kí ẹ tó gbọ́ ohun tí àwọ̀ ìlà ń wí.

Kí ẹ tó yí nọ́ńbà náà padà, ẹ kọ ATR ìpín yín sílẹ̀ ní náírà, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5, 2 àti 3. Iye mẹ́ta tí ẹ máa rí fi bí ìlà ṣe máa jìnnà sí àárín iye ọjọ́ tí ọjà ga jù hàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí ẹ máa dá padà kí àmì tó dé. Ẹ yan èyí tí àpò yín lè gbé, kí ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo 3 lónìí tó sì yí i sí 1.5 lọ́la nítorí pé ọjà dẹ́rù bà á ń san owó àṣìṣe méjèèjì pọ̀.