Òṣùwọ̀n Mẹ́rin Tí A Fi Ń Mọ Ìtumọ̀ Tí Ó Péye

Bí a bá túmọ̀ ìwé kan láti inú Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tí a sì kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn ènìyàn, ìdájọ́ tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ó dùn," tàbí "Kò dùn." Ìdájọ́ yìí kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta obì mọ̀ pé obì a máa pọ́n dáradára lójú, kí kòkòrò sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ rí. Èyí tí ó dùn jù lọ létí lè jẹ́ èyí tí ó léwu jù lọ, nítorí pé adùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura.

Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí a wọ̀n, kí a sì wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní ni òtítọ́: ǹjẹ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ ni Yorùbá náà sọ, láìfi kún un, láìyọ kúrò? Èkejì ni jíjá geere: ǹjẹ́ ọmọ Yorùbá a máa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kẹta ni ìbámu: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ náà yẹ ẹni tí a ń bá sọ ọ́? Ẹ̀kẹrin ni orúkọ: ǹjẹ́ a pe ohun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, a kò sì yí i padà lójú ọ̀nà?

Ẹ jẹ́ kí á fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ kan ní àdúgbò wa fẹ́ kí a túmọ̀ ìlànà tí ó wà lára àpò ìyẹ̀fun iyọ̀ òun ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ tí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn ọ̀dọ́ méjì túmọ̀ rẹ̀, olúkúlùkù lọ́tọ̀, wọ́n sì kó o wá fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì náà sọ kò pọ̀. Kí ìyá fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kí ó da gbogbo ìyẹ̀fun inú àpò kan sínú omi mímọ́ tí ó jẹ́ lítà kan, kí ó rò ó títí yóò fi yòrò. Nígbàkígbà tí ọmọ bá ti yàgbẹ́ gbuuru, kí ó fún un mu: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 yóò mu ìdá mẹ́rin ife títí dé ìdajì ife, èyí tí ó ti pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò mu ìdajì ife títí dé ife kan. Bí ọmọ bá bì í, kí ìyá dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un díẹ̀díẹ̀. Kí ó má ṣe dá ọmú àti oúnjẹ dúró. Bí wákàtí 24 bá kọjá, kí ó da èyí tí ó ṣẹ́kù nù, kí ó po òmíràn.

ÒTÍTỌ́

Iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ dùn ún kà bí ìtàn. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ọ ni ó yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí mo ń fi ìka tọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ lítà kan, ó kọ ọ́ pé, "Ẹ dà á sínú omi ìgò kan."

Ìgò wo? Nínú ọjà wa, ìgò omi mímu kan wà tí ó gba séǹtílítà 75, òmíràn sì gba séǹtílítà 50. Lítà kan jẹ́ séǹtílítà 100. Bí ìyá bá da ìyẹ̀fun lítà kan sínú ìgò 75, iyọ̀ omi náà yóò fi ìdá mẹ́ta ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ ìgò 50, yóò di ìlọ́po méjì. Iyọ̀ tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ lè fa gìrì. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yí oògùn padà di ewu, kò sì sí ohun kan nínú gbólóhùn náà tí ó ta etí lára.

Ibi kejì ni "nígbàkígbà tí ọmọ bá ti yàgbẹ́." Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé, "lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́," nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń gbọ́ nípa oògùn. Ọmọ tí ó yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá yóò wá mu omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ó jáde lára rẹ̀ ni a fẹ́ dá padà.

Ẹni tí ó bá ń yẹ òtítọ́ wò, kí ó kọ́kọ́ fa ìlà sí abẹ́ gbogbo iye, gbogbo àkókò, gbogbo "má ṣe" àti gbogbo "bí ó bá" tí ó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì wá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú Yorùbá. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ńlá máa ń sá pamọ́ sí. Kí ó wo àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà pẹ̀lú. Bí a bá kọ "ìgbẹ́" láìsí àmì, yóò di "igbe," ìyá kan sì lè máa fún ọmọ ní omi ní gbogbo ìgbà tí ó bá sunkún.

JÍJÁ GEERE

Iṣẹ́ ẹni kejì yàtọ̀. Gbogbo iye rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ó le bí òkúta. Ó kọ ọ́ pé, "Fọ àwọn ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ọṣẹ." Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtò rẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá. Àwa a máa sọ pé, "Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín." "Fi" ni a ń lò fún ohun èlò, "pẹ̀lú" jẹ́ ti ẹni tí a jọ ń lọ. Ó tún kọ ọ́ pé, "Tẹ̀síwájú ní fífún ọmọ náà ní ọmú," nígbà tí "Ẹ má ṣe dá ọmú dúró" ti tó. Gbólóhùn rẹ̀ lórí ọjọ́ orí àti ife gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó yé mi.

Láti yẹ èyí wò, ẹ pa Gẹ̀ẹ́sì náà dé. Ẹ ka Yorùbá nìkan sókè ketekete. Níbi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ẹ fi àmì sí i. Ẹni tí ó bá ń wo Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kò ní gbọ́ ìkọsẹ̀ náà, nítorí pé ó ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ fẹ́ sọ.

ÌBÁMU

Gẹ̀ẹ́sì kò bìkítà bóyá ọmọdé ni à ń bá sọ̀rọ̀ tàbí àgbà. Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni kejì lo "ìwọ" àti "rẹ" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọlọ́mọ ni ìwé náà wà fún, ìyá àgbà tí ń tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ nínú wọn. Ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ sí bí ọmọ ọ̀dọ̀ lè ju ìwé náà nù kí ó tó dé ibi tí ìwọ̀n omi wà. Nítorí náà "ẹ" àti "yín" ni ó yẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ lè pọ̀ jù pẹ̀lú. Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ kọ "ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó ṣàn" dípò "ìgbẹ́ gbuuru" kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè mọ́ létí. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ń sọ fún nọ́ọ̀sì ni kí a kọ.

ORÚKỌ

Nínú iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́, "ìgbẹ́ gbuuru" ni ó wà lókè, nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, ó di "onígbáméjì." Ó rò pé òun ń fi ọ̀rọ̀ dárà ni. Ṣùgbọ́n onígbáméjì ni kọ́lẹ́rà, àìsàn kan pàtó tí ń ràn. Ẹni tí ó kà á lè rò pé oògùn náà wà fún àìsàn méjì, tàbí kí ẹ̀rù bà á lásán. Nínú ewì, ó dára kí a máa pààrọ̀ orúkọ. Nínú ìlànà, orúkọ kan fún ohun kan ni.

Ẹni kejì kọ "lítà," orúkọ tí ó tọ́ sì ni. Kìkì ohun tí ó kù ni pé kò sọ bí ẹni tí kò ní ìwọ̀n nílé yóò ti mọ̀ ọ́n: kí ó ka iye tí a kọ sára ọ̀rá omi, nítorí pé ọ̀rá méjì tí a kọ séǹtílítà 50 sí ni ó jẹ́ lítà kan.

BÍ A ṢE Ń FÚN NI NÍ MÁÀKÌ

Ohun tí àṣìṣe lè mú kí òǹkàwé ṣe ni a fi ń wọn àṣìṣe. Àṣìṣe kékeré tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ jẹ́ máàkì 1. Èyí tí ó dí òye lọ́wọ́, tàbí tí ó lè mú kí ènìyàn pa ìwé náà tì, jẹ́ 5. Èyí tí ó lè ṣe ènìyàn ní ibi jẹ́ 25. Àwọn tí ń fi ìtumọ̀ ṣe iṣẹ́ ṣe lókè òkun náà a máa lo irú ìgbésókè bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn ògbufọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àṣìṣe kan lè gba 1, 2, 4, 8 tàbí 16, ẹni tí tirẹ̀ bá sì tó 18 ti fìdí rẹmi.

Fún ìwé olójú kan bí èyí, mo fi 15 ṣe ààlà, mo sì fi òfin kan kún un: bí 25 kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, ìwé náà kò yege, bí ó ti wù kí ìyókù dára tó.

Ẹ wo bí ó ti rí. Ẹni àkọ́kọ́: òtítọ́ 50, fún ìgò àti fún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, jíjá geere 0, ìbámu 0, orúkọ 5. Àpapọ̀ jẹ́ 55. Ẹni kejì: òtítọ́ 0, jíjá geere 7, èyíinì ni 2 fún gbólóhùn méjì tí ó ṣe gbọn-in gbọn-in àti 5 fún èyí tí ó gùn jù, ìbámu 5, orúkọ 1. Àpapọ̀ jẹ́ 13. Iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn yìn ni ó fìdí rẹmi. Èyí tí kò dùn ni ó yege. A tún ti ẹni kejì ṣe láàárín wákàtí kan, nítorí pé ó rọrùn láti fi adùn sí òtítọ́ ju kí a máa wá òtítọ́ kiri nínú adùn.

Òṣùwọ̀n yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ojú ènìyàn méjì kì í rí bákan náà, nítorí náà kí ẹni méjì fún un ní máàkì lọ́tọ̀, kí wọ́n tó fi wé ara wọn. Ti ìtàn tàbí orin yàtọ̀ pẹ̀lú; níbẹ̀, jíjá geere àti ìbámu ni yóò wúwo jù.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ mú ìwé náà lọ bá ẹni mẹ́ta tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má ṣe bi wọ́n pé, "Ṣé ó yé yín?" nítorí gbogbo ènìyàn ni yóò sọ pé ó yé òun. Ẹ gbé àpò ìyẹ̀fun, omi àti ife síwájú wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ohun tí ìwé sọ hàn yín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá na ọwọ́ sí ìgò kékeré, ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ padà lọ bá atúmọ̀, kí ẹ má sì tíì san owó rẹ̀.