Kì í Ṣe Abẹ́rẹ́, Omi Mímu Adìẹ Ni

Bí ẹ bá dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta adìẹ àgíríìkì, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi gbé ọ̀kan wò, tí á sì ní: "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi tóbi báyìí? Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fún un!" Ó pẹ́ tí èmi náà ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àṣé abẹ́rẹ́ yẹn ò sí. Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù, inú omi tí adìẹ ń mu ló wà.

Púrótéènì ni họ́mónù tó ń mú ara dàgbà. Bí adìẹ bá gbé e mì, inú rẹ̀ á dà á bó ṣe ń da sóyà tó jẹ. Àfi kéèyàn máa gún un lábẹ́rẹ́ léraléra. Ta ló fẹ́ máa mú adìẹ 500 lọ́kọ̀ọ̀kan gún, nígbà tí owó oògùn á ti ju owó adìẹ lọ? Ìran ni búróílà fi tóbi. Ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà, àwọn onímọ̀ sin ìran adìẹ mẹ́ta: èyí tí wọ́n ń sìn ní 1957, ti 1978 àti ti 2005. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn jẹ. Nígbà tó pé ọjọ́ 56, ti 1957 ò tó kílò kan, ti 1978 sún mọ́ kílò méjì, ti 2005 sì lé ní kílò mẹ́rin. Ṣíṣa èyí tó tètè dàgbà láti fi ṣe ìyá àti bàbá, ìran dé ìran, ló fa ìyàtọ̀ yẹn.

Ti màlúù ni họ́mónù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń ti hóró kékeré bọ abẹ́ awọ etí màlúù, á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá pa ẹran náà, wọ́n á gé etí yẹn dànù. Òfin Amẹ́ríkà gbà á láyè. Yúróòpù kọ̀ ọ́, láti 1989 ni wọn ò sì ti jẹ́ kí irú ẹran bẹ́ẹ̀ wọlé. Ọmọ Yorùbá tó ń ra ẹran ní Houston lè jẹ ẹ́. Màlúù funfun tó ń fẹsẹ̀ rìn jẹ koríko títí tó fi dé ìlú wa ò ní nǹkan kan létí.

Ẹ jẹ́ ká wá sídìí omi. Àńtíbáyótíìkì, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, ni àwọn olówó adìẹ máa ń pò sínú omi mímu. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni tẹtirasáíkílíìnì. Ìyẹ̀fun ni, bí wọ́n bá dà á sómi, omi náà á pọ́n rúsúrúsú bí omi àtàrí ìṣáná. Àwọn kan ń lò ó nítorí pé adìẹ ń wúkọ́. Àwọn mìíràn kàn ń fi sí i kí adìẹ lè tètè sanra, láìsí àìsàn kankan. Ìyẹn ni Yúróòpù fòfin dè pátápátá ní 2006, tí Amẹ́ríkà náà sì fòpin sí ní 2017.

Oògùn tí adìẹ mu lónìí ò ní kúrò lára rẹ̀ lọ́la. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń yọ ọ́ jáde, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Ká ní iye tó wà lára adìẹ jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà, tó sì ń dín sí ìdajì lójoojúmọ́: 500, 250, 125, lẹ́yìn ọjọ́ méje ó ti sún mọ́ náírà mẹ́jọ. Kò tíì tán, àmọ́ ó ti lọ sílẹ̀ dé ibi tí kò lè ṣe ẹni tó jẹ ẹ́ ní nǹkan. Iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró dé ibi yẹn, láti ìgbà tí adìẹ ti mu oògùn kẹ́yìn títí di ìgbà tí a lè pa á, ni ọjọ́ ìdúró. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí tàbí ike oògùn, ti ẹran lọ́tọ̀, ti ẹyin lọ́tọ̀.

Ààlà náà kéré ju bí a ṣe rò lọ. Òṣùwọ̀n àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Kódẹ́ẹ̀sì gba míkírógíráàmù 200 tẹtirasáíkílíìnì láàyè nínú kílò ẹran kan. Ẹ mú kápúsù kan tí àwọn èèyàn ń gbé mì, ti mílígíráàmù 250, ẹ pín in sínú ẹran kílò 1,250: iye tó wà nínú kílò kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ti ẹ̀dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, ti kíndìnrín ìlọ́po mẹ́fà, torí ibẹ̀ ni oògùn ń gbà jáde.

Ẹ wò ó báyìí. Ìyá kan ní búróílà 500 tó fẹ́ tà fún Kérésìmesì. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé adìẹ. Ó po oògùn sómi láti ọjọ́ 14 dé ọjọ́ 18. Ọjọ́ ìdúró tó wà lára páálí jẹ́ méje. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un. Rárá, ẹ̀yìn ìgbà tó mu kẹ́yìn la ti ń kà á: ọjọ́ 19 dé ọjọ́ 25. Ọjọ́ 26 ló tó lè tà. Kérésìmesì ti kọjá lọ.

Bí ó bá dúró, búróílà tó ti dàgbà á máa jẹ tó gíráàmù 150 lójúmọ́. Ti 500 jẹ́ kílò 75, báàgì oúnjẹ mẹ́ta ti kílò 25 lójúmọ́, báàgì 21 lọ́jọ́ méje. Àwọn oníbàárà ń fóònù. Ibí yìí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. N ò lè fi gbogbo ara bú ẹni tó bá tà á, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á lọ́jọ́ 23 ti ra oògùn mọ́ ẹran. Ohun tó lè gbà á ni kó ti pín adìẹ sí yàrá méjì látìbẹ̀rẹ̀, kí kálukú ní ìkòkò omi tirẹ̀. Yàrá tí ikọ́ ò bá dé, tí kò sì gba oògùn, á ṣeé tà lọ́jọ́ 22.

Tẹyin le jù bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́wàá ni pupa ẹyin kan fi ń dàgbà nínú adìẹ, oògùn sì ń wọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹyin tó yé lẹ́yìn tí oògùn ti parí ṣì lè gbé e dání. Ta ló ń da kíréètì nù lójoojúmọ́ nítorí ìyẹn?

Ní ti màlúù, ẹran tó ń ṣàìsàn lọ́nà ọjà ni wọ́n sábà máa ń gún lábẹ́rẹ́ kí ó má bàa kú kó tó débi tí wọ́n á ti pa á. Oríṣi tẹtirasáíkílíìnì kan wà tó ń pẹ́ lára. Ọjọ́ 28 ni òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí wọ́n gún, iṣan ẹran máa ń wú, tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ ní kí alápatà gé e kúrò. Àmọ́ bí kò bá sí àmì, ojú, imú àti ẹnu ò lè dá oògùn mọ̀. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ.

Sísè náà ò mú un kúrò tán. Iná ń dín tẹtirasáíkílíìnì kù, omi ẹran tí a ń bù mu sì máa ń gba díẹ̀ lára rẹ̀. Ohun tí iná ń pa dáadáa ni kòkòrò fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí oògùn ò ràn mọ́. Ó yẹ ká mọ̀ pé ọjọ́ ìdúró ò sì kan kòkòrò bẹ́ẹ̀. Adìẹ lè dúró ọjọ́ méje pé, kí ẹran rẹ̀ mọ́ tónítóní lọ́wọ́ oògùn, síbẹ̀ kí kòkòrò tó ti mọ oògùn náà lára wà nínú ìfun rẹ̀ àti lára awọ rẹ̀, kó gba ọwọ́ ẹni tó fọ adìẹ tútù náà dé orí tòmátò tó wà nítòsí.