Ìwé dókítà láti Ìbàdàn: ibi tí owó oṣù ọmọ wa l'ókè òkun ti ń há

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ yín kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì wá sí Òkè-Àdó láti sìnkú ìyá rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kó padà, ni ibà bá dá a dùbúlẹ̀. Oògùn ni gbogbo ilé máa ń kọ́kọ́ sáré wá. Ìwé pélébé tí dókítà kọ, inú báàgì ni wọ́n máa ń sọ ọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé yẹn, àti ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀, ló máa sọ bóyá ilé-iṣẹ́ ọmọ náà yóò san owó ọjọ́ tí kò wá síbi iṣẹ́ tàbí kò ní san án.

Lọ́dọ̀ wa níbí, "éskíúsì díútì" là ń pe ìwé náà. Àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ ọ́n dáadáa. Dókítà á kọ orúkọ aláìsàn, á ní ibà ló ń ṣe é, á ní kó lọ sinmi, á fọwọ́ sí i, wọ́n á lu òǹtẹ̀ lé e, ó parí. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ n'Ìbàdàn kì í sábà béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti Jámánì kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin wọn ní kí ilé-iṣẹ́ máa san owó fún òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n àìlè-ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Ènìyàn lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sì máa lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Nítorí náà ni àwọn ilé-ẹjọ́ wọn ṣe sọ pé ìwé dókítà tó bá ti òkèèrè wá gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín "ara rẹ̀ kò yá" àti "kò lè ṣiṣẹ́". "Kó lọ sinmi" tí dókítà wa kọ kò tíì sọ èkejì yẹn.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí ẹni tó bá ní ọmọ lọ́hùn-ún gbọ́. Ọkùnrin kan tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Jámánì láti ọdún 2002 lọ lo ìsinmi rẹ̀ ní Tùnísíà lọ́dún 2022. Lọ́jọ́ keje, oṣù Kẹsàn-án, ó ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pé ara òun kò yá, ó di ọjọ́ 30 oṣù náà. Ó fi ìwé dókítà ibẹ̀ tì í, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Dókítà ní ìrora líle mú un ní ìbàdí, kó jókòó sílé fún ọjọ́ 24, kò lè káàkiri, kò sì lè rìnrìn àjò. Lọ́jọ́ kejì gan-an, ọkùnrin yìí lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi fún ọjọ́ 29. Ọjọ́ yẹn náà ló sì gbé mọ́tò rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà, tó forí lé Jámánì.

Ilé-iṣẹ́ kò san owó ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yúrò. Ilé-ẹjọ́ kan ní Múníìkì gbè é, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Jámánì fagi lé ìdájọ́ náà, ó ní kí wọ́n padà lọ tún un gbọ́. Wọ́n ní ìwé dókítà ilẹ̀ òkèèrè níyì bíi ti Jámánì gan-an, bó bá ti ya àìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára àìlè-ṣiṣẹ́. Àmọ́ dókítà yọ̀ǹda ọjọ́ 24 láìní kí aláìsàn padà wá fún àyẹ̀wò, tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ó sì ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi nígbà mélòó kan ṣáájú. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ mú iyèméjì wá. N kò sọ pé irọ́ ni ọkùnrin náà pa o, ilé-ẹjọ́ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà nìkan kò tó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Òkè-Àdó. Ká ní dókítà rí ọmọ yín lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ keje, oṣù Keje, ọdún 2025, tó sì kọ ọ́ pé ibà ni, kó sinmi fún "5/7". Gbogbo nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn ló mọ ohun tíyẹn jẹ́. Méje tó wà nísàlẹ̀ dúró fún ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọjọ́ márùn-ún ni. Bó bá jẹ́ "2/52", ọ̀sẹ̀ méjì ni. "3/12", oṣù mẹ́ta. Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ní Jámánì kò mọ èyí. Ọjọ́ ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú oṣù níbẹ̀, nítorí náà ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ni yóò kà á sí, ìyẹn ọjọ́ méjì ṣáájú kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà! Ògbufọ̀ tó bá da "5/7" kọ bó ṣe wà ti ti ọmọ yín sínú wàhálà. Èyí tó mọṣẹ́ yóò fi í sílẹ̀ bí dókítà ṣe kọ ọ́, yóò sì ṣàlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àmì pé ti ògbufọ̀ ni àlàyé náà, pé ọjọ́ márùn-ún ló túmọ̀ sí.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kó fi "kò lè ṣiṣẹ́" kún un nígbà tí dókítà kò kọ ọ́. Ìyẹn ti kúrò ní ìtumọ̀, ó ti di ayédèrú ìwé. Kí ọmọ náà padà sọ́dọ̀ dókítà kó tó kúrò n'Ìbàdàn, kí dókítà sì fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní gbólóhùn kíkún pé òun yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ keje, pé kò lè ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ kọkànlá, oṣù Keje, ọdún 2025, ọjọ́ kọkànlá náà wà nínú rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Kó tún béèrè fún ìwé méjì. Ohun tí dókítà ń kọ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ní Jámánì kì í dárúkọ àìsàn, àṣírí aláìsàn àti dókítà ni. Tiwa máa ń dárúkọ rẹ̀ gbangba, ògbufọ̀ kò sì lè pa á rẹ́. Kí ọ̀kan wà fún ọ̀gá, kí èkejì tó ní orúkọ àìsàn àti oògùn wà fún ilé-ìwòsàn. Òfin wọn tún fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tètè sọ fún ilé-iṣẹ́ pé ara òun kò yá, iye ọjọ́ tó lè gbà, àti àdírẹ́sì ibi tó wà. "Ilé tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí" kì í ṣe àdírẹ́sì o. Nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà ni kí wọ́n kọ.

Ti lẹ́tà tí dókítà fi ń darí aláìsàn sí ilé-ìwòsàn míì tún le jù, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tó ń ti Kutọnu wá gba ìtọ́jú n'Ìbàdàn máa ń mú lẹ́tà Faransé dání. "Ánjìn" tí dókítà ibẹ̀ kọ, ọ̀nà ọ̀fun tó wú ni. Ògbufọ̀ tó bá gbọ́ ọ bí "ànjáínà" ti Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ aláìsàn ọ̀fun di aláìsàn ọkàn. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́? 180 tí wọ́n ń kọ níbí, 1,80 ni wọ́n ń kọ ní Kutọnu, nítorí gíráàmù nínú lítà kan ni wọ́n ń lò. Iye kan náà ni, kò dín, kò pọ̀. Kí ògbufọ̀ kọ nọ́ńbà náà bó ṣe rí pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀, kó má ṣírò nǹkan kan fúnra rẹ̀. Bí dókítà kò bá kọ òṣùwọ̀n, kó pè é lórí fóònù. Kí aláìsàn sì máa mú ojúlówó lẹ́tà àti ìtumọ̀ rẹ̀ dání pọ̀, torí dókítà tó máa gbà á lè fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ kọ.