Àṣìṣe Tí Kò Sí Nínú Sípẹ́lì: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìwé Òfin Wò Ní Ìpele-Ìpele

Ní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ní Amẹ́ríkà fẹ́ san gbèsè kan tó tó 300 mílíọ̀nù dọ́là tán. Bí wọ́n bá ti san án, ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ìjọba pé ohun ìní tí wọ́n fi dúró fún gbèsè náà ti bọ́ lọ́wọ́ báńkì JPMorgan, tó ń ṣojú àwọn ayánilówó. Nígbà tí wọ́n wá àwọn ìwé ìdúró náà jáde, mẹ́ta ni wọ́n rí. Méjì jẹ́ ti gbèsè tí wọ́n ń san. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti gbèsè mìíràn pátápátá, ẹ̀yáwó 1.5 bílíọ̀nù dọ́là tí General Motors ṣì jẹ. Wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ohun tí wọ́n fẹ́ fagi lé. Ìwé náà kọjá lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ẹni tó jẹ gbèsè, ó kọjá lọ́wọ́ agbẹjọ́rò àwọn tó yáni lówó, ó dé ọ̀dọ̀ báńkì fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni General Motors wọko gbèsè, tí àṣírí sì tú. Báńkì ní òun ò fìgbà kan gbèrò láti jọ̀wọ́ ìdúró ẹ̀yáwó ńlá yẹn. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dáhùn ní ọdún 2015 pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi ìwé náà sílẹ̀, èyí sì ti tó. Èrò ọkàn yín kò lè yí i padà.

Ohun tó yẹ ká kíyè sí nínú ọ̀ràn yìí ni pé sípẹ́lì kọ́ ló gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Ìwé tó wà lóòótọ́ ni wọ́n tọ́ka sí. Kò kàn yẹ kó wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń wá lẹ́tà tó ṣì lè kà á ní ogún ìgbà kó má rí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi ìwé kíkà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo wá oríṣiríṣi àṣìṣe. Wọ́n á kà á lọ, wọ́n á tún un kà, ìbéèrè kan ni wọ́n sì ń béèrè nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìrísí ojú ìwé ni wọ́n fi ń parí, nítorí àtúnṣe ìtumọ̀ lè yọ odindi ìpín kan kúrò, gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e á sì yí padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tún nọ́ńbà ṣe, iṣẹ́ òfo ló ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ìtajà ilẹ̀ kan, irú èyí tí àwọn lọ́yà ń kọ lójoojúmọ́ ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú. Kí ẹni tó fẹ́ yẹ ẹ́ wò kọ́kọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ó mú pépà mìíràn, kí ó kọ ohun tí àwọn méjèèjì jọ sọ sí i: ta ló ń tà, ta ló ń rà, ilẹ̀ wo, èló, èló ni wọ́n ti san, ìgbà wo ni ìyókù máa wọlé. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú ìwé. Inú ìwé kọ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n kọ nìkan ni ìwé lè fi hàn án. Kò lè fi ohun tí wọ́n gbàgbé hàn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé olùrà máa san ìyókù owó láàárín oṣù mẹ́ta, tí wọn ò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá san án, kò sí lẹ́tà kankan tó ṣì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti wà nílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni kí ó ti wo ìtàn ilẹ̀ náà: bí ẹbí bá ta á fún ẹnì kan, tí ẹlòmíràn sì wá ń tà á báyìí, báwo ló ṣe dọ́wọ́ rẹ̀?

Ìpele kejì ni bóyá ìwé náà bá ara rẹ̀ mu. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé yìí ni wọ́n dà kọ láti inú ìwé oníbàárà àtijọ́, nǹkan ẹni àná sì máa ń ṣẹ́ kù sínú ti òní. Níbikíbi tí ìwé bá ti sọ pé “gẹ́gẹ́ bí ìpín keje ṣe wí,” kí wọ́n ṣí ìpín keje, kí wọ́n fi ojú rí ohun tó wà níbẹ̀.

Orúkọ, iye owó, déètì àti ìwọ̀n ló kàn, kíkà lásán ò sì lè gba èyí. Èèyàn méjì ló yẹ kó ṣe é: ọ̀kan á máa ka ìwé orísun sókè, ìyẹn sọ́fè, rìsíìtì tàbí káàdì ìdánimọ̀, èkejì á máa fi ìka tẹ̀ lé e nínú ìwé tuntun, nọ́ńbà kan lẹ́yìn òmíràn. Kí wọ́n sì ṣe ìṣirò. Ká ní ìwé sọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní 120, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ mítà 464 níbùú lóròó. Ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n 60 ní 120 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 669. 464 jẹ́ ti ilẹ̀ 50 ní 100. Ọ̀kan nínú méjèèjì kì í ṣe òótọ́, sọ́fè nìkan ló sì lè sọ èyí tó jẹ́.

Lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ náà tó láti ba nǹkan jẹ́. Ní ọdún 2009, ọ́fíìsì tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé Taylor & Sons Limited ti Cardiff ti wọko gbèsè. Taylor & Son Limited, tí kò ní “s” lẹ́yìn, ni ilé ẹjọ́ dárúkọ. Wọ́n tún un ṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tajà àwìn fún Taylor & Sons ti gbọ́, wọ́n sì ti fà sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ tó lé ní 200 náà wó. Ilé ẹjọ́ gíga dá ọ́fíìsì náà lẹ́bi ní ọdún 2015.

Ẹ̀yìn èyí ni gbólóhùn àti àmì inú rẹ̀. Òfin kan ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà to àwọn iṣẹ́ tí kò ní owó àṣekún, ó sì fi “dídì fún fífiránṣẹ́ tàbí pínpín” oúnjẹ kádìí rẹ̀. Ṣé iṣẹ́ méjì nìyẹn, dídì àti pínpín? Àbí dídì nìkan ni, yálà fún fífiránṣẹ́ tàbí fún pínpín? Kò sí kọ́mà níbẹ̀ láti yanjú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ wàrà Oakhurst Dairy ń pín ẹrù, wọn kì í dì í, wọ́n sì ní owó àṣekún tọ́ sí àwọn. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbè wọ́n ní ọdún 2017. Ọdún kejì rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san 5 mílíọ̀nù dọ́là. Ohun tó ń tú irú rẹ̀ fó ni pé kí ẹni tó ń yẹ ìwé wò béèrè níbi gbogbo tí “tàbí” àti “àti” bá wà: kí ni ọ̀rọ̀ yìí so pọ̀ mọ́ kí ni? Bí ìdáhùn bá ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n tún gbólóhùn náà kọ. Kọ́mà nìkan kò yẹ lẹ́ni tó ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Sípẹ́lì ló wá kàn, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sì lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní sọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ tó ṣì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi.

Ojú ìwé ló kẹ́yìn. Ṣé nọ́ńbà ojú ìwé tẹ̀ léra? Ṣé sọ́fè tí wọ́n ní àwọn so mọ́ ọn wà níbẹ̀ ní tòótọ́? Ṣé àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún déètì kò tíì ṣófo? Kí wọ́n wo ibi ìbuwọ́lùwé dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ìbuwọ́lùwé nìkan ló dá wà lójú ewé ìkẹyìn, láìsí gbólóhùn kankan láti inú àdéhùn, ẹni burúkú lè yọ ewé náà so mọ́ ìwé mìíràn. Kí wọ́n fa ìpín tó gbẹ̀yìn wá sójú ewé yẹn.

Bí àtúnṣe kankan bá sì tún wọlé lẹ́yìn gbogbo èyí, kí wọ́n mú àtúnṣe náà padà gba gbogbo ìpele yìí, pẹ̀lú ibi gbogbo tó tọ́ka sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí gba ilé, ẹ mú pépà tẹ́ ẹ fúnra yín kọ àdéhùn sí àti sọ́fè lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n wé ìwé náà kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.