Ajere: Bí a Ṣe Lè Mọ Iṣẹ́ àti Orírun Ìkòkò Oníhò

Nígbà tí a bá gbé ìkòkò kan lé wa lọ́wọ́ tí kò sí ẹni tí yóò sọ ìtàn rẹ̀, ẹnu àti ọrùn rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ọnà ara rẹ̀. Ọrùn tóóró ni ti orù, kí omi má baà dà sí ẹni tí ó rù ú lára. Ẹnu ìṣaasùn fẹ̀, kí ìgbakọ lè wọ inú ọbẹ̀. Èyí kò le. Ṣùgbọ́n ajere, tí ihò kún gbogbo ara rẹ̀, máa ń dá ènìyàn lójú rú, nítorí pé ìrísí kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó jìnnà sí ara wọn.

Àwọn kan ń fi ajere yan ẹja tàbí ẹran lórí iná. Àwọn adóṣù Ṣàngó pẹ̀lú a máa ru ajere tí iná ń jó nínú rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, àṣà tí ó bá àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú dé ilẹ̀ Bùràsíìlì.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó wà níwájú wa? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ìka wo etí ihò. Bí a bá lu ihò nígbà tí amọ̀ ṣì tútù, etí rẹ̀ yóò dán, amọ̀ tí igi tì yóò sì yọ díẹ̀ ní apá kejì. Bí etí rẹ̀ bá rí ṣákaṣàka, lẹ́yìn tí a ti sun ìkòkò náà ni a lù ú: ìkòkò mìíràn ni tẹ́lẹ̀, a kàn yí iṣẹ́ rẹ̀ padà ni. Lẹ́yìn èyí, kí a wo ibi tí iná ti jó o. Ní ti ajere ẹja, ìta ìdí ni èéfín sọ di dúdú, òróró ẹja a sì mu inú rẹ̀. Ní ti ajere iná, inú ni ó jó, eérú a sì há sínú ihò. Àmọ́ ẹni tí ó bá ti fọ̀ ọ́ kí ó tó tà á ti ba ẹ̀rí jẹ́, àwọn tí ń ta nǹkan àtijọ́ sì fẹ́ràn fífọ̀ púpọ̀!

Ọnà ni ó kù. Àwọn amọ̀kòkò a máa yí okùn lílọ́, igi fífín tàbí ṣùkù àgbàdo lórí amọ̀ tútù. Ti ṣùkù a máa hàn bí ihò wẹ́wẹ́ tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ. Nítorí pé láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, ìkòkò tí ó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ kò lè ṣáájú ọdún 1492. Ọjọ́ orí ni èyí sọ, kì í ṣe ìlú. Ọjà a máa gbé ìkòkò Ìlọrin jìnnà sí Ìlọrin, nítorí náà, ibi tí a ti rí i kì í ṣe ẹ̀rí ibi tí a ti mọ ọ́n. Bí ó bá ní ibi tí ó ti fọ́, kí a wo inú amọ̀ náà, bí iyanrìn rẹ̀ ti pọ̀ tó àti bóyá ó ń dán wínníwínní, kí a sì fi wé amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò ìlú kọ̀ọ̀kan ń wà.